Ìyá Onírọ́bà àti Káàdì Tí Kò Hàn Kedere

Ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Ìyá Onírọ́bà fara ti ara wọn. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló pín wa níyà, débi pé bí mo bá sín ní ọ̀dọ̀ tèmi, á ti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ kí mi ní "pẹ̀lẹ́". Irun ni èmi ń ṣe. Òun ń tẹ̀wé, ó ń ṣe fótòkópì, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń gbóná, èyí tó fi ń fi rọ́bà bo ìwé àti káàdì kí omi má baà bà wọ́n jẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ti ń ṣe é. Ní gbogbo òpópó wa, bí ẹ bá rí ìwé ẹ̀rí tó ń dán tó sì le gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá.

Kí n má purọ́, obìnrin náà mọ̀ pé òun mọ nǹkan. Kì í sọ pé "bóyá". Bí ẹ bá bi í pé ṣé òjò máa rọ̀, á ní kò ní rọ̀. Bó bá wá rọ̀, á ní òjò yẹn kọ́ ni òun ń sọ. Ẹgbẹ́ ni wá, nítorí náà mo lè bú u, òun náà sì máa ń bú mi dáadáa, a ó sì tún jọ jẹun ọ̀sán. Gbólóhùn kan wà tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà bó bá ti na iṣẹ́ wọn sí wọn: "Ohun tí èmi bá ti dì, kò sẹ́ni tó lè tú u." Á wá fi èékánná kan án kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń ró. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan. Baba onílé wa ti darúgbó, ọmọ wọn obìnrin sì fẹ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ kó lè máa tọ́jú wọn. Wọ́n wá pinnu láti ta ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ìlà wa. Tèmi àti ti káfíńtà wà lẹ́yìn díẹ̀, wọ́n sì gbà pé ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Onírọ́bà ló wà ní igun títì gan-an, ojú gbogbo ayé ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní nítorí pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi lọ̀. Wọ́n fún un títí di ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láti san owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí aago mẹ́rin bá lù tí owó ò tíì wọlé, ọkùnrin kan tó ń ta fóònù ti ń dúró.

Ọkùnrin oní-fóònù náà ò tiẹ̀ dúró. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn ló dé, ó na tépù mọ́ ògiri Ìyá Onírọ́bà, ó ń wọ̀n ọ́n lójú wa, kò kí ẹnikẹ́ni. Ìyá Onírọ́bà ń wò ó. Nígbà tó débi tábìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọn èmi náà, kí ẹ lè mọ bí ilẹ̀kùn ṣe máa fẹ̀ tó kí ẹ tó lè gbé mi jáde." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ká tépù rẹ̀, ó lọ.

Ẹ ò ní bá a wí pé ó ń yangàn. Owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́jú ẹ̀ sínú áàpù owó tó wà lórí fóònù rẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án, kódà nígbà tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ìṣòro kan péré ló wà. Ó ti tó oṣù kan tí áàpù náà ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹni tí kò bá tíì fi káàdì ìdánimọ̀ àti ojú rẹ̀ hàn kò ní lè fi owó ńlá ránṣẹ́ mọ́, owó táṣẹ́rẹ́ nìkan ló máa lè fi ránṣẹ́ lóòjọ́. Ìyá Onírọ́bà ò kọbi ara sí i. Ó ní, "Kí ló wà nínú kí n ya káàdì? Àwòrán lásán." Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ń fi ẹnu dá iṣẹ́ kì í mọ̀ pé iṣẹ́ náà wúwo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ kan, káàdì lọ́wọ́ kejì.

"Bá mi yà á," ló wí.

Orí oníbàárà kan wà níwájú mi, mo ti pín irun rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin. Mo na ọwọ́ gba fóònù, mo ya káàdì náà. Áàpù náà ronú díẹ̀, ó wá kọ ọ́ pé àwòrán kò hàn kedere. Mo tún un yà. Kò hàn kedere. Oníbàárà mi ní kí n jọ̀ọ́ kí n kọ́kọ́ parí orí òun.

Ìyá Onírọ́bà gba fóònù rẹ̀, ó gbé e sójú. "Ìwọ obìnrin yìí! Kí lo fi pa á lójú?"

Mo wò ó. Ìpara irun ni. Ọwọ́ mi méjèèjì ń yọ̀ fún ìpara, mo sì ti fi ìka mi pa á mọ́ ojú kámẹ́rà náà pátápátá. Mo gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì máa gbà á. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó tan iná kámẹ́rà, òun fúnra rẹ̀ ya ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àwòrán náà mọ́lẹ̀ rekete. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ funfun kan tàn yòò láàárín káàdì náà, ó sì bo ìdajì ojú rẹ̀ àti nọ́ńbà. Áàpù náà kọ ọ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń tàn padà lára káàdì, pé kí ó ya káàdì láìsí rọ́bà tàbí àpò. Ó wá fi kún un pé ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó padà wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn.

"Áàpù yìí ò ní làákàyè," Ìyá Onírọ́bà wí. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ níbẹ̀ láti ẹ̀yìn pákó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ti ń wá fi ẹjọ́ irú nǹkan yìí sùn ún. Awakọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé, obìnrin tó ń ta aṣọ òkìrìkà, káfíńtà wa náà, gbogbo wọn ló ní áàpù ò gba káàdì àwọn. Èsì kan náà ló ń fún gbogbo wọn: "Fóònù yín ló fọ́jú. Ẹ ra òmíràn." Káfíńtà tiẹ̀ gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, ó lọ ra òmíràn. Áàpù ò tún gba káàdì rẹ̀.

Olùkọ́ tó ń gbé lókè wa wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn láti ṣe irun. Obìnrin náà háwọ́, kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò ó. Owó irun ọ̀hún, á ná an títí orí á fi gbẹ. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ áàpù fún un, ó ní, "Hẹ̀n? Tèmi gbà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Mo ní kó mú káàdì rẹ̀ jáde kí n wò ó. Ó mú un jáde. Káàdì lásán ni, bí wọ́n ṣe fún un ní ọ́fíìsì, kò ní rọ́bà lára.

"O ò bò ó?"

"Èmi! Kí n wá lọ sanwó fún Ìyá Onírọ́bà lórí káàdì tó jẹ́ pé ike ni tẹ́lẹ̀? Ṣé òtútù ló ń mú un ni?"

Mo dúró, kóòmù lọ́wọ́. Awakọ̀, aláṣọ òkìrìkà, káfíńtà, gbogbo wọn ló ti gba ẹ̀yìn pákó yìí kọjá. Gbogbo káàdì tí áàpù kọ̀, ọ̀rẹ́ mi ló dì í. Ahun kan ṣoṣo tó wà ní òpópó ni tirẹ̀ gbà. Mo rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fi bi mí pé kí ló wà lórí òun.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín ò pa mí mọ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mo máa sọ ọ́ fún un.

Mo dúró kí ó tilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ olùkọ́ lélẹ̀. Ìyá Onírọ́bà mú káàdì tirẹ̀, ó gbé e sábẹ́ gílóòbù, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ìmọ́lẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo di tèmi," ló wí nígbà tó yá. "Kó lè dáa ju ti gbogbo ènìyàn lọ."

"Tú u nígbà yẹn."

"Kò ṣeé tú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni!" Ohùn rẹ̀ gòkè. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sọ ọ́! Bí mo bá fi abẹ gé e, tí ojú mi bó lára káàdì, káàdì ti bàjẹ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní."

Ẹ̀rù bà á. Mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí, inú mi ò sì dùn sí i. Mo bu omi fún un, mo ní kó lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́rú, ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi kí n tó dé, ẹ̀rù ti fi í sílẹ̀, ẹ̀mí àṣejù rẹ̀ ti padà. Ó ní, "Ooru ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ooru náà ló máa tú u. Mú ẹ̀rọ tí o fi ń fẹ́ irun gbẹ wá."

A jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ọ lórí nǹkan tí kò ní ẹ̀mí: ó ti fi rọ́bà di káàdì ilé ìkàwé kan tó ti kú, káàdì ike bíi ti ìdánimọ̀, ní àárọ̀ yẹn gan-an. Mo tan ẹ̀rọ, mo ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí etí rẹ̀. Ó kígbe pé kí n má sún mọ́ ọn jù, ike á ká kò. Mo sún sẹ́yìn. Ó fi abẹ gé etí rọ́bà díẹ̀, ó fi èékánná gbé e, ó ń fà á. Bó bá ti le, á ní kí n fẹ́ ẹ sí i. Bó bá ti rọ̀, á tún fà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Rọ́bà náà ṣí kúrò lára káàdì ilé ìkàwé láti òkè dé ilẹ̀, kò sì mú kíkọ kan lọ.

"Ó ṣeé tú," ni mo wí.

"Pa ẹnu ẹ mọ́, kí o máa fẹ́ atẹ́gùn."

Ti káàdì rẹ̀ gan-an gbà wá ní wákàtí kan ó lé, nítorí ipele méjì ni. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀ sórí tábìlì mi. Oníbàárà mẹ́ta ló wọlé tí mo ní kí wọ́n jókòó, kò sì sí èyí tó bínú, nítorí pé gbogbo wọn ló na ọrùn láti wò ó. Nígbà tí ipele kejì fi ṣí, káàdì náà wà nílẹ̀ níhòòhò, ó ká kò díẹ̀ ní igun kan, ṣùgbọ́n ojú, orúkọ, nọ́ńbà, gbogbo rẹ̀ pé. Ó fi aṣọ dúdú sábẹ́ rẹ̀ lórí àga, ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò dé. Kò tan iná kámẹ́rà. Ó rí i pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú àwòrán. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fóònù.

Áàpù gbà á. A hó yèè. Áàpù wá ní kó fi ojú rẹ̀ hàn: kó yí i sí ọ̀tún, kó yí i sí òsì, kó ṣẹ́jú. Ó bọ́ gíláàsì, ó ṣe gbogbo rẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín fún un, kò sì sẹ́ni tó ní kó rẹ́rìn-ín. Áàpù ní àwọn ń wò ó, kó máa retí èsì.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni èsì dé. Ó kà á sókè, nítorí ó ti mọ̀ pé ayọ̀ ni. Ohun tó kà ni pé orúkọ tó wà lórí káàdì yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lórí àkántì.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí lẹ rò pé ó wà lórí àkántì? Ìyá Onírọ́bà. Bó ṣe rí nìyẹn, ìyá, oní, rọ́bà. Nígbà tó ṣí i lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, nọ́ńbà fóònù nìkan ni áàpù ń béèrè, ó sì gba orúkọ yòówù tí ènìyàn bá kọ. Bí oníbàárà bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, orúkọ ẹni tó ń gbà á ló máa kọ́kọ́ jáde. Ó wá ronú pé bí àwọn ènìyàn bá rí orúkọ tí wọn ò mọ̀, ẹ̀rù á bà wọ́n pé àwọn fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí olè. Mo fẹ́ bú u. Nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé bó bá jẹ́ èmi náà ni, Onídìrí ni ǹ bá kọ.

"Kí wá ni orúkọ rẹ gan-an?" ni mo bi í.

Ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Má da ara rẹ láàmú nípa ìyẹn," ló wí, ó sì jáde.

Ẹ wò ó, ojú tì mí lóru ọjọ́ yẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, mi ò sì tíì béèrè rí. Mo mọ iye ọmọ tó bí, mo mọ eyín tó ń dùn ún, mo mọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ bí iná bá lọ. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n.

Áàpù ò jẹ́ kí ènìyàn fúnra rẹ̀ yí orúkọ padà. Ẹni tó bá fẹ́ yí i máa pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló pè wọ́n, ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé sétí, ohùn ńlá tó máa ń jáde síta nìkan ló kù, nítorí náà gbogbo wa là ń gbọ́. Àwa tó wà níbẹ̀ ò dín ní mẹ́jọ. Káfíńtà ń dúró de fótòkópì. Awakọ̀ wà níbẹ̀. Aláṣọ òkìrìkà àti àwọn mìíràn ti gbọ́ pé wọ́n ń tú rọ́bà, wọ́n ti mú káàdì tiwọn wá.

Orin gùn. Lẹ́yìn orin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

"Ìyá Onírọ́bà."

"Ẹ ṣeun mà. Orúkọ tó wà lórí káàdì yín ni mo ń béèrè."

"Àwòrán káàdì náà wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ wò ó níbẹ̀."

"Ó wà níwájú mi, màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara yín sọ ọ́, kí n lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Òfin wa ni."

Ìyá Onírọ́bà gbójú sókè, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà ni mò ń bẹ̀rù. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Mo dìde, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta ná."

"Ẹ jókòó," ló wí.

Ó fa fóònù sún mọ́ ẹnu, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó sọ tirẹ̀, ó sọ èyí tó tẹ̀lé e. Orúkọ gígùn ni, orúkọ àtijọ́, irú èyí tí wọn kì í sọ ọmọ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ fótòkópì nìkan ló ń dún. Lẹ́yìn náà káfíńtà wúkọ́, ó ní, "Orúkọ ìyá bàbá mi nìyẹn."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti iye tó gbà kẹ́yìn sínú àkántì. Ó ní òun máa fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sínú áàpù, kó kọ orúkọ náà bó ṣe wà lórí káàdì, lẹ́tà fún lẹ́tà, kó sì tún fi àwòrán káàdì mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ń yí orúkọ, nítorí náà kó má ṣe àṣìṣe. Ó ní ènìyàn ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹ̀rọ, ó sì lè gbà tó wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó sì lè gbà tó méjìdínláàádọ́ta.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Méjìdínláàádọ́ta máa gbé wa dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo wò ó, mo rí i pé òun náà ti ṣírò rẹ̀.

"Ó dáa, ọmọ mi," ló wí. "O ṣeun. Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ṣọ́ọ̀bù."

Nígbà tó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ tán, mo rò pé á lọ jókòó sí igun kan kó máa ro ara rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn tó ti mú káàdì wá.

"Ẹ gbọ́," ló wí. "Mo ní fóònù yín ló fọ́jú. Irọ́ ni mo pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Rọ́bà mi ni. Ẹ tò sórí ìlà, màá tú gbogbo rẹ̀, mi ò ní gba kọ́bọ̀." Ó yíjú sí káfíńtà. "Ìwọ, ti fóònù tí o rà, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Mi ò ní san án."

Káfíńtà ní, "Fóònù náà dára. Ẹ má yọnu."

Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la fi ṣe é, èmi lórí atẹ́gùn gbígbóná, òun lórí abẹ. Ó bá ọ̀kan jẹ́, ti baba kan tó ń ṣọ́ ilé, nítorí pé ti baba yẹn jẹ́ ìwé, kì í ṣe ike, ooru sì mú kíkọ rẹ̀ wá pẹ̀lú rọ́bà. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ó kọ̀wé fún un lọ́wọ́ kan náà láti gba òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní òun máa bá a lọ sí ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Látìgbà yẹn ló ti ń kọ́kọ́ gé igun kékeré wò.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Aago méjìlá kọjá, áàpù ò sọ nǹkan. Ní aago kan, ọkùnrin oní-fóònù dé, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí iwájú wa gan-an, ó jókòó sínú rẹ̀. Ìyá Onírọ́bà gbé àga kan lọ fún un. Ó ní oòrùn ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀, kó wá jókòó sí abẹ́ òjìji, kó lè ríran dáadáa bí òun ṣe máa sanwó. Ẹnu yà á. Ó jókòó.

Mo pe Ìyá Onírọ́bà sápá kan. "Bí wọn ò bá dáhùn ńkọ́?"

"Wọ́n á dáhùn."

"Mo ní, bí wọn ò bá dáhùn."

"Nígbà náà, màá gbé ẹ̀rọ mi lọ sí igun mìíràn, màá sì máa sunkún níbẹ̀ tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹnu ara mi sọ ẹni tí mo jẹ́. Ohun tó kù, ọwọ́ wọn ló wà."

Aago méjì kọjá. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì. Ó gbé e. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á, kò sì kà á sókè lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ọwọ́ kan gbá àyà, ó fi ìkejì na fóònù sí mi. Àwọ̀ ewé ni mo kọ́kọ́ rí. A ti fìdí yín múlẹ̀, ni ó kọ síbẹ̀, orúkọ gígùn náà sì wà lókè, lẹ́tà fún lẹ́tà.

Mo bú sẹ́kún. Ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi kọ́ ni.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́kọ́ ṣe wá ṣúkaṣùka. Ó jáde síta, ó dúró láàárín títì, awakọ̀ fi ọkọ̀ rẹ̀ dí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà gbá a. Aago mẹ́ta àbọ̀ ku díẹ̀ ni owó náà lọ. Ó pe Baba onílé. A gbọ́ ohùn wọn láti inú fóònù, wọ́n ní owó kan ti wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, àwọn ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin oní-fóònù dìde lórí àga.

"Èmi ni, Baba," ni ọ̀rẹ́ mi wí láàárín títì. "Èmi ni mò ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."